Bí ọlọ́jà ṣe lè bẹ ẹni tó jẹ lówó kó gbà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí owó bá wọ́n

Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, ni báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó bébà náírà 200, 500 àti 1,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì, ọdún 2023, owó tuntun kò kárí, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì gba owó àtijọ́ mọ́. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí aráàlú ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún 2023. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í dúró de ilé ẹjọ́. Ní ọjà bíi Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń gba ọjà láwìn, irú ọ̀wọ́n owó bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọjọ́ àdéhùn pé nígbà tí owó kò tíì wọlé.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí onígbèsè mọ̀ ni ẹni tó ń bẹ̀. Láti Sókótó àti Kẹ́bbí ni ọ̀pọ̀ àlùbọ́sà ti ń wá, alágbàtà ló sì sábà máa ń bá olówó ọjà tà á. Alágbàtà náà ní ẹni tí yóò jíhìn fún. Nítorí náà, ó yẹ kí onígbèsè béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ lè sún ọjọ́ síwájú, tàbí ó ní láti kọ́kọ́ pe olówó ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá alálùbọ́sà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba àpò 20 láwìn, náírà 30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣèlérí láti san 600,000 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ta àpò kọ̀ọ̀kan ní 33,000, ṣùgbọ́n àwọn olóúnjẹ gba mẹ́jọ láwìn lọ́wọ́ òun náà. Lẹ́yìn tó ti san owó alábàárù àti owó ìsọ̀, tó sì ti jẹun, 350,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá kó gbogbo rẹ̀ fún Alájì, ìsọ̀ rẹ̀ yóò ṣófo, kò sì ní rí ibi tí yóò ti san ìyókù. Bó bá san 200,000, tó fi 150,000 ra àpò márùn-ún lówó lọ́wọ́, ọjà kò ní dúró. Gbèsè ku 400,000. Bó bá ń ta àpò márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èrè rẹ̀ jẹ́ 30,000. Bí ìnáwó bá mú 10,000 níbẹ̀, 20,000 yóò kù. Bí àwọn olóúnjẹ bá san 264,000 tí wọ́n jẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 33,000 ni yóò máa wọlé lọ́sẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 53,000.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ṣèlérí 50,000, torí pé ó dùn létí Alájì. Bí olóúnjẹ kan bá yẹ àdéhùn lọ́sẹ̀ kan péré, owó tó yẹ kó fi ra ọjà ni yóò fi san gbèsè. Ó sàn kó dárúkọ 40,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kó sì máa mú un ṣẹ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó yẹ kó lọ bá Alájì fúnra rẹ̀ ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ àdéhùn, pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ó lè sọ pé: “Alájì, ẹ kú ìrọ́jú ọjà. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣèlérí láti san owó yín, ṣùgbọ́n kò ní lè pé. 200,000 rèé. Àwọn tó jẹ mí lówó wà nínú ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n máa mú 40,000 wá lọ́jọọjọ́ Ẹtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọjà tí mo bá tún fẹ́ gbà, owó lọ́wọ́ ni mo fi ń rà á.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí ohun tó ń ba Alájì lẹ́rù ni kí gbèsè tuntun gun orí ti àtijọ́. Bó bá gbà, kí wọ́n kọ iye tó kù, iye tí yóò máa san àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé méjì, kí ẹlẹ́rìí kan nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tún kọ ọ́ bóyá Alájì yóò fi nǹkan lé e, torí àríyànjiyàn lórí èlé ló sábà máa ń jáde lẹ́yìn ọ̀la.

Àdéhùn yìí kò bá gbogbo ọjà mu bákan náà. Àlùbọ́sà gbígbẹ lè pẹ́ nílẹ̀, tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kó tó jẹrà, kò sì sí ohun tí onígbèsè lè dá padà. Alájì olówó tòmátì lè tipa bẹ́ẹ̀ béèrè iye tó pọ̀ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì tẹ̀ léra tí 40,000 kò pé, ó túmọ̀ sí pé ìṣirò náà kò tọ̀nà. Kí onígbèsè tètè padà lọ tún un sọ, dípò kó máa gba ẹ̀yìn ìsọ̀ Alájì kọjá.