Kí Ẹ Tó Náwó Sórí Àgbọ̀n, Ẹ Wo Eyín

Fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń lé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà nítorí àgbọ̀n. Wọ́n ya ẹni náà níbi ìgbéyàwó, ó wá rí i pé láti abẹ́ ètè ni ojú òun ti ń rọra lọ sí ọrùn, bíi pé àgbọ̀n kò sí níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń béèrè ni iye tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ tó ń yọ àgbọ̀n síwájú. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni: kí ló sún sẹ́yìn gan-an? Ó lè jẹ́ orí àgbọ̀n nìkan ló kéré. Ó lè jẹ́ gbogbo párì ìsàlẹ̀ ló kúrú. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe àgbọ̀n, eyín àti ètè ló yọ síwájú. Nínú fọ́tò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra, àmọ́ ìtọ́jú wọn yàtọ̀ síra.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò nílé. Ẹ pa eyín dé bí ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé òkèlè mì, ẹ ya ètè, kẹ́ ẹ wá wo dígí láti ẹ̀gbẹ́. Eyín iwájú òkè máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 ṣáájú ti ìsàlẹ̀. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ tó pẹ́ńsù, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe párì ló kúrú. Bí eyín bá pàdé dáadáa àmọ́ tí àgbọ̀n ṣì kéré, orí àgbọ̀n nìkan ló ń jẹ́jọ́. Ẹ́síréè orí láti ẹ̀gbẹ́ ni dókítà fi máa ń jẹ́rìí sí i, torí eyín ìsàlẹ̀ lè tẹ̀ síwájú kó sì bo àṣìrí párì tó kúrú.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kan àwa aláwọ̀ dúdú púpọ̀. Ìlà kan wà tí Robert Ricketts, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, fi ń wọn ojú: láti ṣóńṣó imú sí ṣóńṣó àgbọ̀n. Lójú àwọn òyìnbó, ètè yẹ kó wà lẹ́yìn ìlà náà. Ètè ọ̀pọ̀ wa kọjá rẹ̀ láìsí àléébù kankan, ojú bàbá wa la gbé wọ̀. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n yẹn sọ fún yín pé àgbọ̀n yín sún sẹ́yìn, ẹ bi í pé ojú ta ló fi wọn tiyín. Bí ètè kò bá lè pàdé láìjẹ́ pé a fún un pọ̀, ìyẹn lè tọ́ sí wáyà: wọ́n lè yọ eyín mẹ́rin, kí wọ́n fa eyín iwájú sẹ́yìn, àgbọ̀n á sì hàn síta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Fún orí àgbọ̀n tó kéré, abẹ́rẹ́ fílà ló rọrùn jù. Èròjà rírọ̀ bíi jẹ́lì ni, háyálúrọ́níìkì ásíìdì lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi mílílítà 1 sí 3 sí i. Ó lè yọ àgbọ̀n síwájú ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ó lè lé díẹ̀, ara á ti jẹ ẹ́ tán, owó mìíràn sì ni. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé dókítà lè fi abẹ́rẹ́ mìíràn yọ́ ọ bí kò bá tẹ́ni lọ́rùn. Ewu rẹ̀ tó burú jù ni kó wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìrora tó pọ̀ ju ti abẹ́rẹ́ lọ, awọ ara tó ṣì tàbí tó di àbààwọ́n bí ìgbà tí ọgbẹ́ abẹ́nú bá wà níbẹ̀: ẹni tó bá rí ìyẹn kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Lára àwa tí awọ wa dúdú, àbààwọ́n yìí máa ń pẹ́ kó tó hàn, torí náà ìrora ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ibi tí oògùn tó ń yọ́ ọ kò bá sí nínú àpótí, kò yẹ kí wọ́n gún un.

Ẹni tó fẹ́ èyí tó máa wà títí lè gba àgbọ̀n àtọwọ́dá, tó sábà máa ń jẹ́ sílíkóònù, tí wọ́n tì mọ́ iwájú egungun. Iṣẹ́ abẹ tí kì í gùn ni. Àmọ́ ó lè kó kòkòrò, ó lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ó sì lè máa jẹ egungun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gba abẹ́ àgbọ̀n wọlé, ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yọ àpá tó wú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n lè gba inú ẹnu. Èyí tí èmi fúnra mi rò pé a kì í sábà dárúkọ tó ni gígé egungun àgbọ̀n fúnra rẹ̀: dókítà á la egungun lábẹ́ gbòǹgbò eyín, á tì í síwájú, á fi irin táítáníọ̀mù dè é. Ó lè gbé e dé nǹkan bíi mìlímítà 10, ó sì ṣeé fi kúrú tàbí gùn pẹ̀lú, èyí tí sílíkóònù kò lè ṣe bákan náà. Ètè ìsàlẹ̀ lè kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ti àwọn díẹ̀ kì í sì í padà tán. Ojú tó máa jẹ́ ojú kì í hàn kó tó di nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ká wá mú ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún 26 kan tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9, tó sì ń hanrun bó bá sùn. Bí wọ́n bá fún un ní fílà, fọ́tò á dára sí i, àmọ́ kòtò abẹ́ ètè á jìn, nítorí àgbọ̀n síwájú, ètè dúró sẹ́yìn. Eyín kò pàdé, ó ṣì ń hanrun. Bí wọ́n bá yọ eyín kẹrin láti àárín lápá méjèèjì lókè, tí wọ́n fi wáyà fa ìyókù wọlé, eyín á pàdé. Àgbọ̀n kò ní sún níwọ̀n ìka kan, ètè òkè lè wọlé, imú á wá dà bíi pé ó gùn sí i. Wáyà nìkan kì í mú párì àgbàlagbà gùn, bẹ́ẹ̀ ni títẹ ahọ́n mọ́ àjà ẹnu tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò nínú fídíò.

Ohun tó bá tirẹ̀ mu ni wáyà fún nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, tí àlàfo náà á tiẹ̀ kọ́kọ́ fẹ̀ sí i, kí oníṣẹ́ abẹ tó la párì lọ́tùn-ún lósì, kó gbé e síwájú, kó dè é. Wáyà á tún wà lẹ́nu fún oṣù mélòó kan, oúnjẹ rírọ̀ sì ni fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Eyín, ètè, àgbọ̀n àti ọ̀nà èémí ló jọ ń bọ̀ síwájú, ìdí nìyẹn tí híhanrun lè fi dín kù. Ó gba nǹkan bí ọdún méjì, ìkútipiri ètè sì wọ́pọ̀ ju ti gígé àgbọ̀n lásán lọ. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù aṣaralóge. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ẹnu àti párì ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ọmọ tó ṣì ń dàgbà ní tirẹ̀ lè lo ohun èlò tó ń mú párì ìsàlẹ̀ jáde bó bá ti ń pa ẹnu dé. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Twin Block ni William Clark ṣe ní Scotland. Ìgbà tí ọmọ ń ga lójijì, nǹkan bí ọdún 10 sí 13, ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ má retí pé á fa párì gùn lọ títí: eyín tó tẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń yí padà, ìdàgbà egungun kò ju mìlímítà kan tàbí méjì. Síbẹ̀, ó ń dín ewu kù fún ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ yọ, torí irú eyín bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kán bó bá ṣubú níbi bọ́ọ̀lù.

Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún sẹ́yìn lágbà, tí eyín iwájú tó ti ń pàdé tẹ́lẹ̀ kò pàdé mọ́, tí ìsopọ̀ párì nítòsí etí sì ń dùn ún tàbí tó ń ró, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fílà tàbí sílíkóònù kàn án. Egungun ìsopọ̀ yẹn lè máa rún lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó fọwọ́ kan àgbọ̀n.