Ìdí Tí Wáyà Iná Fi Ń Rọ̀ Láàárín Òpó Méjì

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Òṣogbo dé Ìlobù, tó sì kọjá lọ sí Ìfọ́n, yóò rí i pé kò sí wáyà iná kan tó dúró gbọnrangandan láàárín òpó méjì. Gbogbo wọn ló rọ̀ díẹ̀ ní àárín. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé àwọn Nẹ́pà ni kò fà á le tó. Ọ̀rọ̀ wọn lè jóòótọ́ bí wáyà bá ti fẹ́ẹ̀ kan orí ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìrọ̀ díẹ̀ yẹn kì í ṣe àìṣedéédéé òṣìṣẹ́. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, a sì máa ń ṣírò rẹ̀ kí á tó so wáyà.

Wáyà kò lè ti nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé nǹkan bí igi àjà ṣe ń gbé e. Fífà nìkan ló mọ̀, ibi tí ara rẹ̀ bá sì kọjú sí ló ń fà sí. Bí ó bá tẹ́jú pátápátá, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni yóò máa fà sí, kò ní sí ohun tí yóò gbé ìwúwo rẹ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tí okùn tí a ń sá aṣọ sí fi máa ń tẹ̀ díẹ̀, bó ti wù kí a fà á tó. Ó gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ níbi tó ti so mọ́ òpó, kí òpó lè rí ọ̀nà gbé e.

Ẹ jẹ́ ká mú wáyà alumíníọ̀mù kan, irú èyí tí ojú rẹ̀ tí a bá gé jẹ́ 100 mm². Mítà kan rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta kílógíráàmù. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.7 níútọ̀nù. (Kílógíráàmù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó níútọ̀nù mẹ́wàá.) Ká ní òpó méjì fi 50 mítà jìnnà síra, orí wọn dọ́gba, a sì fẹ́ kí àárín wáyà fi 60 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ sí orí òpó. Báwo ni wáyà yìí yóò ṣe fa òpó tó?

Ẹ fọkàn gé wáyà náà sí méjì ní àárín gan-an, kí ẹ sì wo ìdajì apá òsì nìkan. Mítà 25 ni. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 67.5 níútọ̀nù, a sì lè kà á sí pé àárín ìdajì yẹn ni gbogbo rẹ̀ jókòó sí, ìyẹn mítà 12.5 sí òpó. Ìwúwo yìí fẹ́ yí wáyà wálẹ̀ láti orí òpó. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá a dúró ni ìdajì kejì tó ń fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí a gé, níbi tó fi 0.6 mítà rẹlẹ̀ sí orí òpó. Ìyíwálẹ̀ àti ìdádúró gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí a bá wá fi H dúró fún ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́, H × 0.6 = 67.5 × 12.5. H jẹ́ nǹkan bí 1,406 níútọ̀nù. Báyìí ni àwọn ẹnjiníà ṣe ń kọ ọ́, w ni ìwúwo mítà kan, L ni àlàfo òpó, d ni ìrọ̀:

H = wL² / 8d

Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo wáyà yẹn kò ju 135 níútọ̀nù lọ, síbẹ̀ ó ń fa òpó sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú agbára tó ju ìlọ́po mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ni d sì wà nínú ìṣirò náà. Bí ẹnì kan bá fà á le títí ìrọ̀ fi di 20 sẹ̀ǹtímítà, ìfà yóò di ìlọ́po mẹ́ta, nǹkan bí 4,200 níútọ̀nù.

H kan náà ni láti òpó kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n níbi òpó, wáyà tún gbé ìdajì ìwúwo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ibẹ̀ ni agbára inú wáyà ti pọ̀ jù:

T = √(H² + (wL/2)²)

Fún wáyà wa, T jẹ́ 1,408. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀, nítorí pé ìrọ̀ kéré gan-an sí àlàfo. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí a fi wáyà gbé kọ́, irú èyí tó wà nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Bí ìrọ̀ wáyà afárá bá tó ìdá mẹ́wàá àlàfo, T yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ju H lọ, ẹni tó bá sì fojú fo ìyẹn yóò yan wáyà tó tín-ín-rín jù.

Níbi tí ọ̀nà bá tọ́, wáyà ọ̀tún àti ti òsì fa òpó bákan náà, òpó kò sì mọ nǹkan kan lára. Kọ̀rọ̀ àti òpó ìparí ni ìyọnu wà. Wáyà mẹ́ta lórí òpó ìparí ń fà á pẹ̀lú nǹkan bí 4,200 níútọ̀nù, bí ẹni fi ohun tó ju 400 kílógíráàmù kọ́ ọ lórí, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi ń rí wáyà irin tí wọ́n fi de irú òpó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ lápá kejì. Bí ẹ bá rí òpó kọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ sí apá ibi tí wáyà ti ń fà á, ẹ kọ́kọ́ wo ìdè yẹn. Ó lè ti já tàbí kí ìdákọ̀ró rẹ̀ ti ń yọ nínú ilẹ̀.

Ọ̀tá tó tún kù ni oòrùn àti ọyẹ́. Wáyà tó rọ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà yẹn fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì péré gùn ju mítà 50 lọ. Bí ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 25 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì gbóná sí i, alumíníọ̀mù yóò fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta gùn sí i, ìrọ̀ yóò sì di nǹkan bí 90. Bí ọyẹ́ bá mú un tó fi ìwọ̀n 20 tutù, yóò súnkì, ìrọ̀ yóò di 33, ìfà yóò sì fo sí nǹkan bí 2,560 níútọ̀nù. Nítorí náà ẹni tó fà á le gan-gan ní ọ̀sán gangan ti pèsè wàhálà sílẹ̀ fún àárọ̀ ọyẹ́: níbi ìsopọ̀ wáyà àti níbi tánganran ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Ẹni tó dẹ̀ ẹ́ jù yóò sì rí wáyà méjì tó ń gbára wọn nínú afẹ́fẹ́, tí iná ń ta pàrà-pàrà.

Bí a ṣe ń mọ ìrọ̀ láìgun àárín wáyà rọrùn. Nígbà tí wọ́n bá ti pa iná, tí wọ́n sì ti so wáyà mọ́lẹ̀ kí iná má lè dé lójijì, òṣìṣẹ́ yóò lu wáyà lẹ́ẹ̀kan lẹ́bàá òpó. Ìgbì yóò sáré dé òpó kejì, yóò sì padà wá bá a. Bí a bá pe àkókò tí ìgbì fi lọ tó sì padà ní t, tí g sì jẹ́ 9.81, ìrọ̀ ni:

d = gt² / 32

Kò sí ìwúwo wáyà nínú rẹ̀, kò sì sí àlàfo òpó. Òṣìṣẹ́ yóò ka ìpadà mẹ́ta kó tó dá aago dúró, kí àṣìṣe ọwọ́ lè kéré, yóò sì pín àkókò náà sí mẹ́ta kó tó rí t. Bí wáyà wa bá rọ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ìpadà mẹ́ta yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 4.2. Bí ó bá padà ní 2.4 péré, ìrọ̀ kò ju 20 lọ, ó sì ti le jù.