Ṣé “To” Ni àbí “From”? Yíyẹ Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn Wò Kí Ímeèlì Tó Lọ

Ẹ wo ímeèlì kúkúrú yìí. Mo kọ ọ́ fún àpẹẹrẹ, bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí ìlú ọba ló ń kọ ọ́ sí ọ́fíìsì yunifásítì rẹ̀:

“I arrived Manchester on Monday. The date in my letter is different to the one on the portal. I wish to discuss about this with you and to request for one more week. Kindly reply me before Friday.”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí sípẹ́lì rẹ̀ kò pé, ẹni tó bá sì kà á yóò mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì náà yóò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó kà á tán. Ẹ̀yìn “arrived”, “discuss”, “request” àti “reply” ni yóò ti kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti “different to” yàtọ̀ díẹ̀, a ó sì dé orí rẹ̀.

Bí a bá fi Yorùbá sọ ohun kan náà, a ó rí ibi tí àṣìṣe wọ̀nyí ti wá. Mo dé Ìbàdàn, mo dé ọjà, mo dé ọ́fíìsì: “dé” kì í wá ohunkóhun tí yóò so òun mọ́ ibi tí a dé. Ẹni tó ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dàgbà kò lè gbọ́ ọ létí pé nǹkan kù nínú “I arrived Manchester”. À ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀, à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí náà “discuss” lásán máa ń dà bí ẹni tí kò tíì wọṣọ tán bí “about” tàbí “on” kò bá tẹ̀ lé e. À ń bèèrè fún nǹkan, ni “request for” bá jáde wẹ́rẹ́. A máa ń dá ènìyàn lóhùn, a máa ń fún un lésì, kò sì sí ohun tó dábùú láàárín àwa àti òun. Ibẹ̀ ni “reply me” ti wá. Àní “different to” pàápàá ní ìbátan nílé, torí pé “yàtọ̀ sí” ni a ń wí.

Láàárín ara wa ní Nàìjíríà, “reply me” ti wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í rí i mọ́, èmi kò sì ní bá ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. Ímeèlì tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wá rí ni mò ń sọ, èyí tó jẹ́ pé ìlà díẹ̀ tí a kọ ni gbogbo ohun tí onítọ̀hún yóò fi mọ̀ wá. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi etí nìkan ṣe ìdájọ́, nítorí Yorùbá ló tọ́ etí wa dàgbà.

Ohun mìíràn tún wà tó ń tàn wá jẹ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe níbì kan, kó di ọ̀rọ̀-orúkọ níbòmíràn, kí ohun tó ń tẹ̀ lé e sì yí padà. “My request for one more week” tọ̀nà láìkù síbì kan, nítorí orúkọ ni “request” jẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá ti di ìṣe, “I request one more week” ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni “a discussion about fees” ṣe tọ̀nà tí “discuss about fees” kò tọ̀nà, tí “emphasis on safety” ṣe dára tí “emphasise on safety” kò dára. Ẹni tó bá wá “request for” lọ sínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i lọ́pọ̀ yanturu, yóò sì fi í sílẹ̀ nínú ímeèlì rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, láìmọ̀ pé orúkọ ni òun rí, ìṣe sì ni òun kọ. Nítorí náà, kí a tó wá ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé iṣẹ́ wo ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe nínú gbólóhùn. Bí “a”, “the”, “my” tàbí “your” bá ṣíwájú rẹ̀, orúkọ ni. Bí “I” tàbí “we” bá ṣíwájú rẹ̀, ìṣe ni.

Ibi tí ìdáhùn wà ni ìwé atúmọ̀ èdè tí a ṣe fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Onílé kì í ṣí ìwé nítorí “arrive”. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí ló ń wá. Àlejò ló nílò kí a sọ fún un pé báyìí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń bá àwọn yòókù rìn. A. S. Hornby, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ àwọn ará Jàpáànì ní Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Tókíò ni ti òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde ní 1942, Oxford University Press sì tún un tẹ̀ ní 1948. Ìwé náà ló dàgbà di Oxford Advanced Learner's Dictionary tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù ní oxfordlearnersdictionaries.com. Longman àti Cambridge náà ní tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ “arrive” síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò, ìyẹn “intransitive”. Ohun tó ń wí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kì í gba àbọ̀: a kò lè gbé ibi tí a dé lé e lẹ́yìn ní tààrà. Èyí nìkan ti tó láti dá “arrived Manchester” lẹ́bi. Nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó rí àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó ń bá a rìn, “at”, “in” àti “on”, pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ wọ̀nyí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà, kí ẹ wá èyí tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jọ tiyín. Bí ó bá jẹ́ ìlú ńlá tàbí orílẹ̀-èdè, “in” ni: “arrive in Manchester”, “arrive in Nigeria”. Bí ó bá jẹ́ ibi kan pàtó bí ọ́fíìsì, pápákọ̀ òfurufú tàbí ìpàdé, “at” ni: “arrive at the office”. “On” jẹ́ ti ọjọ́. “Home”, “here” àti “there” kò sì fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. “I arrived home” pé bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ wo “discuss”, “transitive” ni a ó bá níbẹ̀: àbọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e gírígírí, a kò sì gbọdọ̀ fi “about” sí i láàárín. “Reply” gba ìfarabalẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹ lè bá àmì méjèèjì lórí rẹ̀, kí ẹ sì rò pé “reply me” ti ríbi sá sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi fèsì ni “reply” lè gbà ní àbọ̀, bí “she replied that the office was closed”. Ẹni tí a ń fún lésì, tàbí lẹ́tà tí a ń fèsì sí, gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ “to” kọjá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àmì náà kò tó. A gbọ́dọ̀ wo irú ohun tí àpẹẹrẹ fi sípò àbọ̀, bóyá ènìyàn ni tàbí ọ̀rọ̀.

Ó ku “different”. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò fún yín ní mẹ́ta: “from”, “to” àti “than”, yóò sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wọ́pọ̀. “To” jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàtàkì, “than” sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti fi pàṣán gba “different to” kúrò lẹ́nu ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n Henry Fowler, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní ọ̀gá nínú ìlò èdè wọn, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1926 pé ìgbàgbọ́ asán ni pé “from” nìkan ló lè tẹ̀ lé “different”. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ṣẹ̀ nígbà náà, pàápàá tó jẹ́ Manchester ló ń kọ̀wé sí. Síbẹ̀, “from” ni èmi yóò ní kó fi sí i. Kò sí ibi tí wọn kò ti gbà á, nígbà tí àwọn kan ṣì ń rí “to” bí ọ̀rọ̀ ẹnu, tí ará Amẹ́ríkà sì lè rò pé àṣìṣe ni.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè lo Google Books Ngram Viewer, tó ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde nínú àwọn ìwé tí Google ti kó jọ. Ẹ tẹ èyí síbẹ̀:

```
different from,different to,different than
```

Ẹ kọ́kọ́ yan ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ti Amẹ́ríkà. Ìlà “from” ló wà lókè jù nínú méjèèjì. Àmọ́ irinṣẹ́ yìí ń ka ọ̀rọ̀ ni, kò mọ gírámà. Bí ẹ bá tẹ “arrived to”, yóò ya ìlà rẹ̀ fún yín, ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò sì gbà pé ó dára. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ni irú “he arrived to find the door locked”, níbi tí “to” ti jẹ́ ti “find” tó wà níwájú, tí kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ibi tí ọkùnrin náà dé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, bí “arrived to the” àti “arrived at the”, kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ímeèlì akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò kà báyìí:

“I arrived in Manchester on Monday. The date in my letter is different from the one on the portal. I wish to discuss this with you and to request one more week. Kindly reply to me before Friday.”

Ó ṣeé ṣe kó fẹ́ fi “I look forward to hear from you” parí rẹ̀. Ẹ ní kó dúró ná. “To” yìí kì í ṣe èyí tó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe; ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ ni kí a fi ọ̀rọ̀-orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. “I look forward to your reply” bá ètè mu, nítorí náà “to hearing” ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí a bá dán ọgbọ́n kan náà wò lára “I hope to hear from you”, “I hope to your reply” kò lè dúró, “hear” lásán sì ni a ó fi sílẹ̀ níbẹ̀.