Káàdì géèmù tókunbọ̀: ohun tó yẹ kí ẹ rí kí owó tó kúrò ní Ìlá

Ẹni tó bá ń gbé ní Ìlá-Ọ̀ràngún tàbí Òkè-Ìlá, tí wọ́n wá fi káàdì gíráfíìkì lọ̀ ọ́ láti Kọ̀mpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà, àwòrán orí fóònù nìkan ló máa kọ́kọ́ rí. Òǹtajà á ní kó sanwó ná kí òun tó fi ọjà sí mọ́tò ní wéébìlì. Kò sí bó ṣe lè fọwọ́ kàn án, àmọ́ ó lè ní kí òǹtajà dán an wò lójú òun.

Ẹ jẹ́ ká mú RX 580 onígígábáìtì 8. Oṣù kẹrin ọdún 2017 ni iléeṣẹ́ AMD gbé e jáde, àwọn tó ń fi kọ̀mpútà wa owó kírípítò sì rà á lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ítéríọ̀mù yí ètò rẹ̀ padà, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fi káàdì wa níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ káàdì bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́jà tókunbọ̀ kárí ayé.

Pé wọ́n ti fi káàdì wa owó kò ní kí n sá fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wa owó náà ló ń dín iná tó ń wọ ṣíìpù kù kí owó iná má baà pọ̀. Mẹ́mórì àti fáànù ni iṣẹ́ náà ń jẹ, torí tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ibi méjèèjì yìí ni kí ojú yín wà.

Ṣùgbọ́n orúkọ lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lọ́dún 2018, AMD gbé òmíràn jáde fún ọjà Ṣáínà, wọ́n pè é ní RX 580 2048SP. RX 580 gidi ní ẹ̀ka ìṣirò 2304 nínú ṣíìpù rẹ̀. Èyí ní 2048 péré, iye kan náà tí RX 570 ní. Orí páálí lè má fi ìyàtọ̀ náà hàn, bẹ́ẹ̀ ni òǹtajà fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Ẹ ní kó ṣí GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń ka ohun tó wà nínú káàdì, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ Shaders sí. Bí 2048 bá wà níbẹ̀, owó RX 570 ni kí ẹ san.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó tan FurMark tàbí géèmù tó wúwo fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì máa ya fídíò láìgé e. Kó kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀mpútà, kí ó má baà jẹ́ fídíò àtijọ́ ló fi ránṣẹ́. Kó fi nọ́ńbà tó wà lára káàdì hàn nínú fídíò kan náà. Bí ìgbóná bá dúró sí nǹkan bí 75 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó dára. Bó bá sáré dé nǹkan bí 90, tí ìyára ṣíìpù tó yẹ kó wà lókè 1,200 MHz sì ń já wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lórí ṣíìpù ti gbẹ, tàbí kí fáànù kan ti rẹ̀. Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Àmọ́ bí ẹ bá rí àmì aláwọ̀ mèremère tàbí ìlà tó ń fò káàkiri ojú kọ̀mpútà, mẹ́mórì ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi ò ní rà á, kódà kí wọ́n gé owó rẹ̀ sí ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣírò. Wọ́n pe káàdì ní 100,000 náírà, GPU-Z sì fi hàn pé 2048SP ni. Bí RX 570 bá ń lọ ní 80,000, ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà ti bẹ̀rẹ̀. Fáànù kan ń pariwo, títún un ṣe á gba 10,000. Ó ku 70,000. Iye tí mo máa fi lọ̀ ọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn kò sí lára káàdì rárá. Kọ̀mpútà ọ́fíìsì tókunbọ̀ ti Dell tàbí HP ló wà nílé wọn, páwà páàkì inú rẹ̀ sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 300 wáàtì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, láìní okùn iná onípíìnì mẹ́jọ tí ọ̀pọ̀ RX 580 ń béèrè. Káàdì yìí nìkan ń gba nǹkan bí 185 wáàtì. Bí páwà páàkì tó tó 500 wáàtì bá jẹ́ 40,000, ọjà 70,000 ti di 110,000. Ẹ sì wò ó dáadáa, torí okùn Dell àti HP míì kì í bá páwà páàkì ọjà mu.

Fún irú kọ̀mpútà bẹ́ẹ̀, GTX 1050 Ti tí kò ní ihò okùn iná lára ló yẹ jù: 75 wáàtì ló ń lò, ojú ihò tí wọ́n ń kì í sí sì ń fún un ní gbogbo rẹ̀. EA fúnra wọn kọ ọ́ sí ara káàdì tó kéré jù tó lè gbé FC 24, pẹ̀lú RX 570. Àmọ́ Indiana Jones and the Great Circle tó jáde lọ́dún 2024 kò ní ṣí lórí ìkankan nínú wọn, torí ó ń béèrè ẹ̀yà tó ń ṣe ray tracing, tí wọn kò ní. Ayédèrú 1050 Ti sì pọ̀: káàdì àtijọ́ bíi GTX 550 Ti ni wọ́n ń yí orúkọ rẹ̀ padà. GPU-Z tuntun á kọ [FAKE] síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí náà kí òǹtajà ṣí i hàn yín kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́.