Ọjọ́ Gígé Aṣọ, Ọjọ́ Gbígbà Aṣọ

Kí ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì tó dé ìdajì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ti jẹ́ kí gbèdéke iṣẹ́ mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀. A kò fún un lórúkọ, nítorí ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí yóò dá a mọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdájí ló ń jí, kì í pa kíláàsì jẹ, gbogbo ọjọ́ tí olùkọ́ bá dá fún asáínmẹ́ǹtì ló sì wà nínú fóònù rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọjọ́ bá pé, ojú-ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò ṣì ṣẹ́kù. Ó gbé ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́ ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ máàkì 5 kúrò nínú 15. Ó gbé òmíràn lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò gbà á rárá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa, máàkì 30 tàbí 40 nínú 100 ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún asáínmẹ́ǹtì àti tẹ́ẹ̀sì kí ìdánwò tó dé. Ẹni tó bá sọ 15 nù níbẹ̀ ti gbé gbèsè wọ yàrá ìdánwò.

Nígbà tí ó lọ lo ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, aránṣọ kan ní Òṣogbo, ni ojú rẹ̀ là sí ohun tó ń ṣe é. Ó ń bá a to aṣọ ìgbéyàwó sínú báàgì, ó sì ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà sí.

“Àǹtí, Sátidé yìí ni ìgbéyàwó. Kí ló dé tí ẹ kọ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá síbí?”

“Ọjọ́ tí mo gé e nìyẹn. Bí mo bá kọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà á nìkan, ọjọ́ yẹn gan-an ni màá rántí pé mi ò tíì gbé àlùmọ́gàjí. Aṣọ tí mo bá sì rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni màá fi rán, ọjọ́ mẹ́fà ni mò ń fún un. Iná lè lọ. Lésì lè má tó. Ìwọ ń kọ ọjọ́ tí ẹ ó kó iṣẹ́ lọ, àbí? Ọjọ́ tí o máa gé e ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ wà nínú ìbéèrè yẹn. Fóònù ọmọ náà ń dún ní ọjọ́ gbèdéke, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kankan tí ó ń sọ fún un pé òní ni kí o bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì jìnnà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú a máa kéré rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mọ àìsàn yìí dáadáa. Ní 1994, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross tẹ ìwádìí kan jáde láti Kánádà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà wọ́n. Bí a bá pín in dọ́gba, wọ́n ní ọjọ́ 34. Wọ́n tún ní kí wọ́n sọ iye ọjọ́ tí yóò gbà bí gbogbo nǹkan bá dojú rú pátápátá. Wọ́n ní 49. Iṣẹ́ náà gbà tó ọjọ́ 55. Àwọn tó parí ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún ara wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí le sí: kódà nígbà tí wọ́n ń ro aburú, aburú tí wọ́n rò kò tó bí iṣẹ́ ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìlànà Àǹtí, pé kí a sọ ọjọ́ di ìlọ́po méjì, kì í ṣe àṣejù.

Ọmọ náà padà sí iléèwé, ó ra ìwé ẹsasáìsì lásán. Ojú-ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ìlà méje fún ọjọ́ méje. Kí ó tó kọ iṣẹ́ kankan síbẹ̀, ó kọ́kọ́ fi kíláàsì, ọjọ́ ìfọṣọ àti ìsìn kún un, ó sì rí i pé wákàtí mẹ́ta péré ló kù fún òun lójúmọ́. Ó ti máa ń rò pé mẹ́fà ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ inú ìwé náà ni àròkọ kan lórí Ogun Kírìjí, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ní 1877: kí ló fà á tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886? Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28, ni gbèdéke. Kò kọ “ṣe asáínmẹ́ǹtì” sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè jókòó kí ó máa “ṣe asáínmẹ́ǹtì”. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì kọ wákàtí tí ó rò síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: wíwá ìwé ní láíbírì, 2, kíkà, 6, títo kókó ọ̀rọ̀, 1, kíkọ, 4, àtúnṣe àti orúkọ àwọn ìwé tó lò, 1, títẹ̀ ẹ́ jáde ní kafé, 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15. Ní wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Ó sọ ọ́ di mẹ́wàá bí Àǹtí ti wí, ó ka ọjọ́ sẹ́yìn láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27, ó sì kan Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18. Ọjọ́ yẹn ló fi bíírò pupa yí po.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ wákàtí tó gbà án gan-an sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó rò. Láíbírì gba 4, nítorí ẹlòmíràn ti yá ìwé kan. Kíkà gba 11. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, lé ní ojú-ewé 600, ó sì ní láti wá ibi tí ọ̀rọ̀ Kírìjí wà kí ó tó kà á. Títo kókó gba 1 bí ó ti rò. Kíkọ gba 7, àtúnṣe gba 3, kafé náà gba 3 nítorí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo. Wákàtí 29. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23, bí ìrònú tirẹ̀ ṣe sọ, Ẹtì ì bá bá a lórí kíkọ.

Ìlà wákàtí méjì yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú ìwé náà. Kàlẹ́ńdà tó rẹwà jù ní ọjà kò lè sọ fún ọ pé ìwọ a máa fojú kéré kíkà ju kíkọ lọ. Àkọsílẹ̀ ọwọ́ ara ẹni ló ń sọ ọ́. Nígbà tí àròkọ kejì dé, kò sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì mọ́: ó fi wákàtí kún kíkà àti kafé, ó fi títo kókó sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìwé náà nù. Ibà mú un, ọjọ́ mẹ́rin kọjá láìkọ nǹkan kan, ojú sì ń tì í láti ṣí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń já sí. Ó fa ìlà kan kọjá lórí ọjọ́ mẹ́rin náà, kò gbé gbogbo iṣẹ́ wọn wọ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ó tún kíyè sí pé iṣẹ́ kan wà tí òun ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, “ka orí kẹrin”. Bí iṣẹ́ bá ń sún bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó tóbi jù, tàbí pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ibi tí yóò ti mú un. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí “ka ojú-ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́, láíbírì, aago mẹ́rin”, ó sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Ìwé ẹsasáìsì kò lè ṣe ohun gbogbo. Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, kò sí ètò akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dojú rú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti fi san owó iléèwé lè ṣí ojú-ewé ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí ó má rí wákàtí kankan níbẹ̀. Ìyẹn kò nílò ètò, kọ́ọ̀sì tó gbà ló ní láti dín kù, kí ó sì lọ bá olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè dúró lórí nǹkan kan láti kékeré yẹ kó rí dókítà pẹ̀lú. Ní ti ọmọ wa, ó kó àròkọ kejì fún olùkọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú gbèdéke. Ó ṣì pàdánù gbèdéke kan ní sáà yẹn, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ènìyàn márùn-ún tí ẹyọ ẹnì kan péré nínú wọn ní ìwé ètò.