Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ni Faransé ń wá tó fi yin bọ́ǹbù ní Sàhárà?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà. Ìdí ni pé Faransé ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́ta ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Àlìgéríà, láàárín ọdún 1960. Agbára ti àkọ́kọ́ ju ìlọ́po mẹ́rin ti Hiroṣímà lọ.

Kí ló mú kí Faransé ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà náà, ohun tí kò jẹ́ kí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ̀tì kọlu ara wọn ni ìbẹ̀rù ẹ̀san. Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ ba ìlú ẹnì kejì jẹ́, bọ́ǹbù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnì kejì náà, pàápàá èyí tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, yóò pa tirẹ̀ náà run. Èyí tí ọ̀tá kò lè rí bà jẹ́ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe iye bọ́ǹbù.

Ààrẹ de Gaulle kò gbà pé Amẹ́ríkà lè fi Niú Yọ́ọ̀kì wewu nítorí Párì. Ó fẹ́ bọ́ǹbù tirẹ̀, tó kàn tó láti ṣe Mọ́sìkò lọ́ṣẹ́ débi pé wọn ò ní dán an wò.

Ó dùn mí pé orí àwọn ará aṣálẹ̀ tí kò sí nínú ìjà náà ni eruku olóró bọ́ǹbù náà balẹ̀ sí. Lílé tí a lé aṣojú Faransé kò sì dá wọn dúró: ní oṣù Kẹrin ọdún 1961, wọ́n yin ìkẹrin.