Kóló Méjì, Agbowó-Orí Kan

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Húsítìn tàbí Bàtímọ̀ máa ń bá ìbéèrè kan pàdé lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á ní kó sọ iye tí wọ́n máa yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ sínú 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á sì gbé ọ̀rọ̀ méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan: `Pre-tax` tàbí `Roth`. Àwọn tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn. Ọ̀kan á ní, "Mú Roth o jàre, ìjọba ò ní fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀ tó o bá dàgbà." Èkejì á ní ta ló ń sanwó orí lónìí nígbà tó lè san án lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò sí èyí tó fi ìṣirò sí i nínú wọn.

Kóló méjì ni ká pè é. Kóló àkọ́kọ́, `Pre-tax`, wá látinú òfin owó orí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978. Owó tó bá wọ inú rẹ̀ kò tíì fojú kan agbowó-orí. Ọjọ́ tí olówó bá ń kó o jáde lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni agbowó-orí máa tó dé, á sì gba tiẹ̀ nínú owó tí wọ́n fi sí i àti nínú èrè tó ti bí. Kóló kejì ń jẹ́ orúkọ William Roth, sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ Dẹ́láwíà, tó jà fún òfin rẹ̀ lọ́dún 1997. Níbẹ̀, èèyàn á kọ́kọ́ san owó orí, yóò wá fi èyí tó kù pamọ́. Tó bá ti lé ní ọdún 59 ààbọ̀, tí kóló náà sì ti pé ọdún márùn-ún, kò sí owó orí kankan mọ́, bó ti wù kí èrè orí rẹ̀ pọ̀ tó. Lọ́dún 2006 ni wọ́n gba kóló Roth láàyè nínú 401(k).

Ẹni tó wá láti Nàìjíríà kò mọ irú ìdààmú yìí nílé. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, tí òṣìṣẹ́ ń fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ sì ń fi ìdá 10 kún un, agbowó-orí kì í mú nínú owó náà nígbà tó ń wọlé, kì í mú nínú èrè rẹ̀, kì í sì í mú nínú owó ìfẹ̀yìntì nígbà tó ń jáde. Ní Amẹ́ríkà, agbowó-orí gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà ló kàn lè yan ìgbà tó máa jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan ní Húsítìn, kò tíì lọ́kọ, ó sì ń gba dọ́là 85,000 lọ́dún. Ó fẹ́ ya dọ́là 6,000 sọ́tọ̀ nínú owó náà fún ọjọ́ ogbó. Agbowó-orí ń mú sẹ́ǹtì 22 nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan ní ibi tí owó rẹ̀ ga dé. Bó bá lo kóló àkọ́kọ́, odindi 6,000 ló wọlé. Bó bá lo Roth, agbowó-orí á kọ́kọ́ mú 1,320, dọ́là 4,680 á sì wọlé. Ká ní owó méjèèjì wà lára ìpín ilé-iṣẹ́ kan náà, tó sì di ìlọ́po mẹ́rin kó tó fẹ̀yìn tì. Ti àkọ́kọ́ á di 24,000, ti Roth á di 18,720. Ọjọ́ ìkówójáde wá dé. Bí owó orí bá ṣì jẹ́ sẹ́ǹtì 22, agbowó-orí á mú 5,280 nínú 24,000 yẹn. Kí ló kù? 18,720 géérégé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í nìyí. Wọ́n rò pé Roth borí nítorí pé èrè ọgbọ̀n ọdún ló bọ́ lọ́wọ́ owó orí. Wọ́n gbàgbé pé èso tó kéré ni wọ́n gbìn. Ká yọ sẹ́ǹtì 22 nínú dọ́là kó tó di ìlọ́po mẹ́rin, tàbí ká yọ ọ́ lẹ́yìn tó ti di ìlọ́po mẹ́rin, bákan náà ni yóò já sí. Gígùn ọdún kò yí i padà, èrè ńlá kò sì yí i padà. Ohun kan ṣoṣo ló lè yí i padà: iye sẹ́ǹtì tí agbowó-orí ń mú lónìí àti iye tó máa mú lọ́jọ́ náà.

Ti òní rọrùn láti mọ̀. Ti ọjọ́ iwájú ni àwọn èèyàn máa ń ṣírò lódìkodì, nítorí pé ìpele-ìpele ni owó orí Amẹ́ríkà, bí àtẹ̀gùn. Lọ́dún 2024, ẹni tí kò ṣègbéyàwó kò san nǹkan kan fún ìjọba àpapọ̀ lórí dọ́là 14,600 àkọ́kọ́. Lórí 11,600 tó tẹ̀ lé e, sẹ́ǹtì 10 ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ 14,600 yẹn kúrò, láti 11,600 títí dé 47,150, sẹ́ǹtì 12. Láti ibẹ̀ dé 100,525, sẹ́ǹtì 22. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wa ń fowó pamọ́, òkè àtẹ̀gùn ni owó náà ti ń kúrò: dọ́là 6,000 tó wà lókè pátápátá ni kò sanwó orí lé lórí mọ́, gbogbo rẹ̀ ni ì bá sì ti san sẹ́ǹtì 22 lé lórí. Àmọ́ nígbà tó bá fẹ̀yìn tì, tí owó iṣẹ́ kò wọlé mọ́, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni owó tó ń kó jáde á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó pẹ̀lú òṣùwọ̀n ọdún 2024 kan náà. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, tí kò ní ọkọ, ń rí 16,550 tí wọn kì í bu owó orí lé. Bó bá kó 40,000 jáde nínú kóló àkọ́kọ́ lọ́dún kan, tí kò sì ní owó míì, gbogbo owó orí rẹ̀ jẹ́ 2,582. Kò pé sẹ́ǹtì méje lórí dọ́là. Ó yẹra fún sẹ́ǹtì 22 nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó san sẹ́ǹtì mẹ́fà ààbọ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá gbọ́ èyí, tó ṣì ń sọ pé Roth ló dára fún gbogbo ènìyàn, kò ṣírò ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ní Amẹ́ríkà má ní owó míì. Ìjọba ń san owó arúgbó tí wọ́n ń pè ní Sóṣà Sekúrítì. Ká ní ti nọ́ọ̀sì wa jẹ́ 24,000 lọ́dún. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń gbà, kò jẹ ìjọba ní owó orí kankan. Bó bá fi 40,000 látinú kóló àkọ́kọ́ kún un, owó orí á di 4,958. Ó fò sókè, àbí? Ohun tó fà á ni pé bí owó tó ń kó jáde nínú kóló ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń fa owó arúgbó náà wọ inú owó orí. Dọ́là kan tó kó jáde lè fa sẹ́ǹtì 85 nínú owó arúgbó lọ́wọ́, kí owó orí sì wá bọ́ sórí dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 85.

Ká la 40,000 yẹn sí méjì, ọ̀rọ̀ náà á hàn kedere. Lórí nǹkan bí 22,900 àkọ́kọ́, owó orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,160 lọ, ìyẹn sẹ́ǹtì márùn-ún lórí dọ́là. Lórí èyí tó kù títí dé 40,000, sẹ́ǹtì 22 àti díẹ̀ ni agbowó-orí ń mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpele sẹ́ǹtì 12 ni wọ́n kọ sórí ìwé fún un. Ìdájọ́ fún nọ́ọ̀sì wa nìyẹn: kó kọ́kọ́ máa fi owó sínú `Pre-tax`, títí tí kóló náà á fi tó èyí tó lè máa fún un ní nǹkan bí 23,000 lọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá bọ́ sínú Roth, kò pàdánù nǹkan kan, ó sì ti ra ààbò sílẹ̀ de ọjọ́ tí ìjọba lè fi kún owó orí.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, tó sì ń gba 30,000. Bá a bá yọ 14,600 kúrò, 15,400 ló kù, sẹ́ǹtì 12 sì ni owó orí òkè rẹ̀. Kí ló dé tó máa sá fún sẹ́ǹtì 12 lónìí láti lọ pàdé 22 lọ́jọ́ iwájú? Roth ni tiẹ̀, títí owó iṣẹ́ rẹ̀ á fi ga. Bákan náà ni fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan òrùlé òfin, tó ń fi gbogbo dọ́là 23,000 tí 401(k) gbà lọ́dún 2024 sílẹ̀. Dọ́là 23,000 nínú Roth tóbi ju 23,000 nínú kóló àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ìpín agbowó-orí ṣì wà nínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń gba owó orí tó rí gbà padà, tó ń ná an lórí aṣọ ẹbí dípò kó fi pamọ́, ìṣirò `Pre-tax` bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ibi tí èèyàn fẹ́ gbé lẹ́yìn iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Tẹ́sáàsì kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́. Mẹ́rílándì àti Niú Yọ́ọ̀kì ń gbà á. Láti ọdún 1996 ni òfin àpapọ̀ ti sọ pé ìpínlẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ bu owó orí lé owó ìfẹ̀yìntì ẹni tí kò gbé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Bàtímọ̀, tó wá lọ fẹ̀yìn tì sí Húsítìn, ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí Mẹ́rílándì pátápátá lórí ohun tó fi sínú kóló àkọ́kọ́. Ẹni tó sì ń wò ó pé Ìbàdàn lòun ń padà sí, kó rántí pé ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà lórí ìwé ṣì jẹ wọ́n ní owó orí níbikíbi tó bá wà láyé, ó sì ń gbádùn iye tí wọn kì í bu owó orí lé. Ẹni tó dá gíríìn káàdì padà kì í rí ìyẹn gbà mọ́, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ẹni tó ń tọ́jú kóló náà sábà máa ń kọ́kọ́ yọ. Àdéhùn owó orí kò sí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tó lè dín in kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìdí tó dájú láti fẹ́ràn Roth.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò tiẹ̀, kó mú fọ́ọ̀mù 1040 ọdún tó kọjá, kó wo ìlà 15. Iye tó wà níbẹ̀ ló máa sọ ìpele tí owó rẹ̀ ga dé. Kó wá kọ iye tó rò pé òun máa gbà lọ́dún kan lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, kó ṣírò owó orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: láìsí owó kóló, àti pẹ̀lú owó kóló. Ìyàtọ̀ méjèèjì, tó bá pín in sí iye tó kó jáde, ló máa fi wé ìpele òní. Kó yára ṣe é o, nítorí pé èèyàn lè yí èyí tó mú padà fún owó iṣẹ́ tó ń bọ̀, àmọ́ owó tó bá ti wọ Roth nínú 401(k) kì í padà di `Pre-tax` mọ́.